Bí a ṣe ń yọ owó orí àyọsílẹ̀ nínú owó kọ́ńtíráàtì: iye tó kan agbaṣẹ́ṣe àti iye tó kan ìjọba

Ọjọ́ kejì tí a sanwó fún agbaṣẹ́ṣe kan ló pè mí. Ó ní owó tó wọ báńkì òun fi 20,000 dín sí ohun tí òun ń retí. Ọkàn mi kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun ló ṣì í ṣírò. Mo tú ínfọ́ìsì rẹ̀ wò, mo fi ìwé ìsanwó wa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i pé òun ló jàre. A ti yọ owó orí lára owó tó jẹ́ pé owó orí ni òun fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe ìṣirò yìí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín, mi ò sì tíì gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Owó orí àyọsílẹ̀ kì í ṣe owó tuntun tí ẹni tó gbé iṣẹ́ síta ń san. Owó orí agbaṣẹ́ṣe ni, èyí tó máa san lórí èrè rẹ̀ bí ọdún bá parí. Ìjọba kàn ní kí ẹni tó fẹ́ sanwó fún un yọ díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kó sì gbé e wá fún òun. Nítorí náà, owó kan náà ló pín sí ọ̀nà méjì: apá tó pọ̀ lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe, apá kékeré lọ sọ́dọ̀ àjọ owó orí ní orúkọ agbaṣẹ́ṣe yẹn. Ẹni tó bá sanwó agbaṣẹ́ṣe pé, tó tún wá mú owó mìíràn lọ fún ìjọba, ti fi owó tirẹ̀ san gbèsè ẹlòmíràn.

Mi ò ní dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan nínú àpẹẹrẹ yìí, torí ọ̀nà ìṣirò náà kò yí padà. Ìwọ̀n owó orí ló ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Èyí tí mo lò níhìn-ín, 5% fún owó orí àyọsílẹ̀ àti 10% fún owó orí ọjà, mo mú wọn nítorí pé ó rọrùn láti fi ojú bá wọn lọ. Ẹ fi ti òfin ibi tí ẹ wà rọ́pò wọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá iye iṣẹ́ gan-an

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí iye tí ẹ fẹ́ ṣírò lé lórí bá ti ṣì, kò sí bí èyí tó tẹ̀lé e ṣe lè tọ́.

Ká ní ilé iṣẹ́ kan gbé àtúnṣe òrùlé ọ́fíìsì rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní 4,000,000. Agbaṣẹ́ṣe náà forúkọ sílẹ̀ fún owó orí ọjà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fáàtì, nítorí náà ó fi 400,000 kún un. Ínfọ́ìsì rẹ̀ wá ka 4,400,000.

Nínú 4,400,000 yẹn, 4,000,000 nìkan ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù, 400,000, kì í ṣe èrè rẹ̀, kì í sì í ṣe owó tó ń wọlé fún un. Ó ń bá ìjọba gbà á ni. Owó orí àyọsílẹ̀ sì jẹ́ owó orí lórí ohun tó wọlé fún ènìyàn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, níbi púpọ̀, iye tí a ń ṣírò lé lórí ni iye iṣẹ́ kí owó orí ọjà tó wọ̀ ọ́, ìyẹn 4,000,000. Ẹ ka òfin tiyín kó dá yín lójú, torí ohun tó wà nínú òfin lẹ máa tẹ̀ lé.

Bí ínfọ́ìsì bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, iṣẹ́ ti rọrùn. Ìṣòro wà níbi tí agbaṣẹ́ṣe kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, tó ní "owó orí ọjà wà nínú rẹ̀". Ọ̀pọ̀ akọ̀wé owó á mú 10% nínú 4,400,000, wọ́n á rí 440,000, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì ní iye iṣẹ́ jẹ́ 3,960,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye iṣẹ́ la fi 10% rẹ̀ kún, kì í ṣe àpapọ̀. Nítorí náà, pínpín la máa pín: 4,400,000 pín sí 1.10, ó jẹ́ 4,000,000. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mú ìdáhùn yín, ẹ fi 10% rẹ̀ kún un. Bí kò bá padà sí iye tó wà lórí ínfọ́ìsì, ẹ ti ṣì í. 3,960,000 pẹ̀lú 10% rẹ̀ jẹ́ 4,356,000, kò dé 4,400,000.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìwọ̀n tó bá iṣẹ́ yẹn mu

Kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo ló wà. Òfin sábà máa ń ya iṣẹ́ ìkọ́lé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìmọ̀ràn, ó ń ya ọjà títà sọ́tọ̀ kúrò lára ilé yíyá, ó sì lè ya ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnìkan tó ń dá ṣiṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè tún lè ní ìwọ̀n tirẹ̀, pàápàá bí àdéhùn owó orí bá wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Níbi kan, ẹni tí kò ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó orí máa ń jẹ ìwọ̀n tó ga ju ti àwọn tó ní lọ. Nítorí èyí, ẹ gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì. Ẹ má dúró di ọjọ́ ìsanwó.

Ohun kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni kọ́ńtíráàtì tó pa ọjà àti iṣẹ́ pọ̀, tí ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba. Ẹ ní kí agbaṣẹ́ṣe ya iye páànù òrùlé sọ́tọ̀ kúrò lára iye iṣẹ́ ọwọ́ lórí ínfọ́ìsì. Ẹ má bá a fi ojú díwọ̀n ìpín náà, torí bí àwọn aṣàyẹ̀wò bá dé, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa béèrè bí ẹ ṣe rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìṣirò

Ó kúrú. Ẹ mú iye iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ìwọ̀n:

4,000,000 lọ́nà 5% jẹ́ 200,000. Owó ìjọba nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí àpapọ̀ ínfọ́ìsì, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀: 4,400,000 yọ 200,000, ó ku 4,200,000. Owó tó máa wọ báńkì agbaṣẹ́ṣe nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti lo nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí 4,000,000 la ti ṣírò owó orí, inú 4,400,000 la ti yọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́ tí agbaṣẹ́ṣe yẹn pè mí ni pé akọ̀wé wa ṣírò lórí 4,400,000. 5% rẹ̀ jẹ́ 220,000, agbaṣẹ́ṣe sì gba 4,180,000. Ìyàtọ̀ 20,000 yẹn ni 5% tó wá láti ara 400,000 owó orí ọjà. Bí ẹ bá rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín yín àti agbaṣẹ́ṣe bá ìwọ̀n owó orí àyọsílẹ̀ lórí fáàtì mu gẹ́lẹ́, ẹ má wá ìdí mìíràn kiri.

Bí ẹ bá ń lo tábìlì ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ iye iṣẹ́ sínú B1, ìwọ̀n owó orí ọjà sínú B2, ìwọ̀n owó orí àyọsílẹ̀ sínú B3, kí ẹ tó fi àwọn wọ̀nyí sí i:

```
B4: =ROUND(B1*B2,2)
B5: =ROUND(B1*B3,2)
B6: =B1+B4-B5
```

B4 ni owó orí ọjà, B5 ni owó tó kan ìjọba, B6 ni owó tó kan agbaṣẹ́ṣe. ROUND wà níbẹ̀ kí ìdá kékeré tó kọjá nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdámẹ́wàá má baà kóra jọ títí tí àpapọ̀ oṣù yóò fi yàtọ̀ sí owó tó jáde ní báńkì.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan tún ní kí àwọn kan tó ń rajà tàbí tó ń gbéṣẹ́ síta dá owó orí ọjà náà dúró, kí wọ́n sì san án fún ìjọba fúnra wọn. Bí òfin bá ka yín mọ́ wọn, agbaṣẹ́ṣe yóò gba 3,800,000, 400,000 yóò sì lọ lọ́tọ̀, 200,000 lọ́tọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú ìsanwó kan, nítorí owó orí méjì ni wọ́n, fọ́ọ̀mù wọn sì yàtọ̀.

Bí ó ṣe máa wà nínú ìwé

Iye tí òrùlé náà ná ilé iṣẹ́ ṣì jẹ́ 4,000,000. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ 3,800,000 sí gẹ́gẹ́ bí ìnáwó, torí wọ́n rò pé 200,000 "kò kan" iṣẹ́ náà. Ó kàn án. Owó yẹn jáde láti ọwọ́ yín nítorí òrùlé, ibi tó gbà lọ ló yàtọ̀.

Nígbà tí ínfọ́ìsì bá dé, ẹ dẹ́bíìtì ìnáwó ní 4,000,000, ẹ dẹ́bíìtì owó orí ọjà ní 400,000 bí òfin bá gbà yín láyè láti gbà á padà, kí ẹ sì kírẹ́díìtì àkáǹtì agbaṣẹ́ṣe ní 4,400,000. Ní ọjọ́ ìsanwó, ẹ dẹ́bíìtì agbaṣẹ́ṣe ní 4,400,000 pé, ẹ kírẹ́díìtì báńkì ní 4,200,000, kí ẹ sì kírẹ́díìtì àkáǹtì owó orí àyọsílẹ̀ tí a jẹ ìjọba ní 200,000. Àkáǹtì agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ di òfo lọ́jọ́ yẹn. Bí 200,000 bá ṣì wà níbẹ̀ bíi pé ẹ jẹ ẹ́ lówó, ẹnìkan yóò san án fún un lọ́jọ́ kan láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí owó bá ń jáde ní ìpele

Kọ́ńtíráàtì tó ń san tán lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀. Ká ní àdéhùn òrùlé yẹn sọ pé a ó san 30% ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó dá 5% dúró fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí kó lè dá wa lójú pé òrùlé kò jò, a ó sì san èyí tó kù ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Owó àsansílẹ̀ jẹ́ 1,200,000. Owó orí ọjà rẹ̀ 120,000, owó orí àyọsílẹ̀ rẹ̀ 60,000. Agbaṣẹ́ṣe gba 1,260,000. Àwọn kan gbà pé owó àsansílẹ̀ kò tíì di owó iṣẹ́, nítorí náà wọn kì í yọ nǹkan kan níbẹ̀. Níbi tí òfin ti so yíyọ náà mọ́ ọjọ́ tí owó jáde, àṣìṣe nìyẹn. Owó ti jáde, owó orí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, agbaṣẹ́ṣe kọ ínfọ́ìsì ìkẹyìn. Ó kọ gbogbo iṣẹ́, 4,000,000, sí òkè. Ó yọ owó àsansílẹ̀ 1,200,000, ó yọ owó ìdádúró 200,000, ó ku 2,600,000. Ibí yìí ni ojú máa ń tàn wá. Akọ̀wé owó rí 4,000,000 ní òkè ìwé, ó ṣírò 5% rẹ̀, ó yọ 200,000. Ó gbàgbé pé 60,000 ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba nígbà àsansílẹ̀. Iye tó tọ́ láti ṣírò lé lórí lọ́jọ́ yẹn ni 2,600,000: owó orí ọjà 260,000, owó orí àyọsílẹ̀ 130,000, agbaṣẹ́ṣe gba 2,730,000.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òrùlé kò jò, a tú owó ìdádúró sílẹ̀. 200,000, owó orí ọjà rẹ̀ 20,000, owó orí àyọsílẹ̀ 10,000, agbaṣẹ́ṣe gba 210,000.

Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó orí àyọsílẹ̀: 60,000, 130,000 àti 10,000, ó jẹ́ 200,000. Owó agbaṣẹ́ṣe: 1,260,000, 2,730,000 àti 210,000, ó jẹ́ 4,200,000. Iye kan náà ni pẹ̀lú ìgbà tí a san án lẹ́ẹ̀kan. Mo máa ń fi ìwé kan pamọ́ fún kọ́ńtíráàtì kọ̀ọ̀kan, tí mo ń kọ ìsanwó kọ̀ọ̀kan sí ní ìlà tirẹ̀, kí n lè rí àpapọ̀ yìí nígbàkigbà. Bí àpapọ̀ owó orí bá ti kọjá 5% iye kọ́ńtíráàtì, a ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbì kan.

Kókó kan wà lórí ọjọ́. Àwọn òfin kan so yíyọ mọ́ ọjọ́ tí owó jáde. Àwọn mìíràn so ó mọ́ ọjọ́ tí a sanwó tàbí ọjọ́ tí a kọ gbèsè sínú ìwé, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Bí tiyín bá jẹ́ ti ẹ̀yìn yìí, owó orí lórí ínfọ́ìsì tí ẹ ti kọ sínú ìwé ti di gbèsè yín sí ìjọba bí ẹ kò bá tiẹ̀ tíì san kọ́bọ̀ fún agbaṣẹ́ṣe. Ó lè kan owó ìdádúró náà pẹ̀lú. Iye kò yí padà, oṣù tó bọ́ sí ló yí padà.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun fẹ́ kí owó òun pé

Nígbà mìíràn, pàápàá tí agbaṣẹ́ṣe bá wá láti òkèèrè, kọ́ńtíráàtì á sọ pé 4,000,000 gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀ láìdín kọ́bọ̀, owó orí yòówù tó wà, ẹni tó gbé iṣẹ́ síta ni yóò fara gbá a. Ká fi owó orí ọjà sí ẹ̀gbẹ́ kan fún èyí.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni kí a fi 5% kún un: 4,200,000. Ẹ dán an wò. 5% nínú 4,200,000 jẹ́ 210,000, ó ku 3,990,000. Agbaṣẹ́ṣe ti pàdánù 10,000. Ohun tí a ń wá ni iye tó jẹ́ pé bí a bá yọ 5% rẹ̀, 95% tó ṣẹ́kù yóò jẹ́ 4,000,000. Nítorí náà, a ó pín 4,000,000 sí 0.95, ó jẹ́ 4,210,526.32. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 210,526.32, agbaṣẹ́ṣe sì gba 4,000,000 pé. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú kọ́ńtíráàtì, ẹ jẹ́ kó rí nọ́ńbà yìí, torí 4,210,526.32 ni iṣẹ́ náà yóò ná yín, kì í ṣe 4,000,000.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sísan owó náà fún ìjọba

Owó tó wà nínú àkáǹtì owó orí àyọsílẹ̀ kì í ṣe tiyín. Bí oṣù bá parí, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ yọ owó lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà owó orí wọn, ọjọ́ ìsanwó, irú iṣẹ́, iye iṣẹ́, ìwọ̀n àti iye tí ẹ yọ. Àpapọ̀ orí ìwé yẹn, iye tó wà nínú àkáǹtì, àti owó tí ẹ fẹ́ san gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí mẹ́ta yìí kò bá dọ́gba, ẹ má tíì sanwó.

Òfin ni yóò sọ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé, ó sì sábà máa ń bọ́ sínú oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ọjọ́ bá kọjá, ẹ̀yin tí ẹ yọ ọ́ lẹ máa san owó ìtanràn. Bákan náà ni bí ẹ kò bá yọ ọ́ rárá: òfin lè ní kí ẹ san án láti inú àpò yín.

Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbà. Òun ni yóò fi hàn bó bá ń san owó orí ọdún rẹ̀, kí wọ́n lè yọ 200,000 náà kúrò nínú ohun tó jẹ. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àjọ owó orí mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ẹ bá kọ orúkọ tí a fi ń pe ilé iṣẹ́ rẹ̀ níta dípò èyí tó fi forúkọ sílẹ̀, owó náà lè wà lọ́dọ̀ ìjọba láìbọ́ sí orí rẹ̀.

Ní ti agbaṣẹ́ṣe tó pè mí, oṣù kò tíì parí, a kò tíì sanwó fún ìjọba. Mo fi 20,000 rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà, mo yí 220,000 padà sí 200,000 lórí àkọsílẹ̀ oṣù, ó tán síbẹ̀. Ká ní owó ti lọ ni, mi ò ní lè yọ 20,000 kúrò nínú owó orí ẹlòmíràn lóṣù tó tẹ̀ lé e láti fi dí i, torí owó ẹni yẹn ni mo máa jẹ. Mo máa kọ̀wé sí àjọ owó orí fún àtúnṣe, tàbí kí n fún agbaṣẹ́ṣe ní ìwé ẹ̀rí 220,000 pé, kó lè gbà á padà nígbà tó bá ń san owó orí ọdún rẹ̀.